Wọ́n ka wíńdò 14 lára ilé gíga kan ní Àbújá: ṣé mítà 42 ni gíga ẹ̀ lóòótọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya fọ́tò ilé ọ́fíìsì gíga kan ní Sẹ́ńtírà Éríà níbí ní Àbújá, láti òdìkejì títì. Mo ka wíńdò ẹ̀, ìlà 14 ni mo rí, mo wá fún ìkọ̀ọ̀kan ní mítà 3, ó fún mi ní mítà 42. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní sáìtì ní rárá o, ilé yẹn ò lè dín ní 60. Ta ló gba nínú àwa méjèèjì, báwo lèèyàn sì ṣe ń fi fọ́tò nìkan mọ̀ ọ́n? Mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ ẹ ló gba. Bí mo ṣe ṣírò ilé tó wà nínú fọ́tò yẹn, bíi mítà 66 ni láti ilẹ̀ títí dé etí òkè, ó lè wálẹ̀ dé 62, ó sì lè gòkè dé 72, àmọ́ 42 ò sí nínú ẹ̀ rárá. Ọ̀nà tó o gbà ṣe é ò burú o, ọ̀nà yẹn náà lèmi tí mo ń ṣírò ohun èlò fún àwọn kọ́ńtírátọ̀ níbí máa ń gbà tí wọ́n bá fi fọ́tò nìkan ránṣẹ́ pé kí n sọ iye gíláàsì tàbí iye ọ̀dà tó máa lọ sára ilé. Ohun tó fà á tó fi dín tó bẹ́ẹ̀ ò ju méjì lọ: mítà 3 yẹn kì í ṣe ti ọ́fíìsì, àwọn ibì kan sì wà lára ilé náà tó ga dáadáa tí kò ní wíńdò tó o lè kà. Tí mo bá ṣírò ẹ̀ tán wàá rí i pé mítà 24 tó sọnù yẹn, àwọn méjèèjì ló pín in láàárín ara wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì-ìdajì.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú mítà 3 yẹn ná. Mo mọ ibi tó o ti rí i, ilé ìgbé ló ti wá. Tó o bá wo àwọn fúláàtì tí wọ́n ń kọ́ ní Gwarinpa tàbí Kúbwà, láti orí dẹ́kìn kan dé orí dẹ́kìn tó tẹ̀lé e, mítà 3 sí 3.1 ni wàá bá níbẹ̀, torí pé dẹ́kìn fúnra ẹ̀ ò ju sẹ́ńtímítà 15 sí 20 lọ, sílìn wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gbágbáágbá, éésì ara ògiri ni wọ́n sì ń lò, kò sí nǹkan kan tó ń gba àárín sílìn àti dẹ́kìn kọjá ju wáyà iná lọ. Ọ́fíìsì ńlá ò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó wà nínú ọ́fíìsì yẹn lè máa rí sílìn ní mítà 2.7 lókè orí ẹ̀, kó rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ parí sí, kò mọ̀ pé lókè sílìn yẹn ni àpótí páánù ńlá-ńlá tí atẹ́gùn éésì ń gbà wà, páìpù omi ìpaná wà níbẹ̀, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, gbogbo ìyẹn ń jẹ bí ìdajì mítà, bíìmù àti dẹ́kìn tún wá lókè wọn, àwọn náà ń jẹ bíi sẹ́ńtímítà 60, torí pé ọ́fíìsì fẹ́ yàrá gbayawu tí pílà ò pọ̀ nínú ẹ̀, bí pílà bá sì ṣe jìnnà síra wọn ni bíìmù ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, 2.7 àti 0.5 àti 0.6, o ti dé 3.8 nìyẹn. Tí wọ́n bá tún gbé ilẹ̀ yàrá sókè kí wáyà lè gba abẹ́ ẹ̀, ó lè tó 4 tàbí 4.2. Ìdí nìyẹn tí àjọ CTBUH ní Ṣikágò, àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ilé gíga káàkiri ayé, fi ń lo 3.9 fún ọ́fíìsì, 3.1 fún ilé ìgbé àti òtẹ́ẹ̀lì, àti 3.5 fún ilé tí iṣẹ́ inú ẹ̀ pọ̀ mọ́ra tàbí tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Wàá ní báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ọ́fíìsì lóòótọ́ ni, torí fọ́tò ò sọ̀rọ̀. Ara ilé ìgbé máa ń tú u fó: wàá rí bákónì, wàá rí aṣọ tí wọ́n sá, wàá rí ojú éésì kọ̀ọ̀kan níwájú fúláàtì kọ̀ọ̀kan, àti wíńdò kékeré-kékeré ti balùwẹ̀ tó tò lérí ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọ́fíìsì, wíńdò ẹ̀ máa ń dọ́gba láti igun ilé dé igun ilé, kò sí bákónì, gíláàsì náà kì í sábà ṣeé ṣí. Òtẹ́ẹ̀lì ló máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú torí ó ga bí ilé ìgbé lápá òkè, ó sì ga bí gbọ̀ngàn lápá ìsàlẹ̀ níbi tí yàrá ìpàdé àti ilé oúnjẹ wà, torí náà ọ̀tọ̀ ni kó o ṣírò apá méjèèjì. Tìẹ yìí, ọ́fíìsì ni pọ́ńbélé, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Kó o lè mọ̀ pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, jẹ́ ká fi ilé tí gbogbo wa mọ̀ dán an wò, Kòkó Háòsì ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn, tí wọ́n parí láàárín ọdún 1960 sí 1965. Àjà 26 ló ní, gíga ẹ̀ tí wọ́n kọ sílẹ̀ sì jẹ́ mítà 105. Tó o bá fi 3.1 ti ilé ìgbé ṣe é, 80.6 lo máa rí, o ti pàdánù mítà 24. Tó o bá fi 3.9 ṣe é, 101.4 ni, kò ju bíi mítà mẹ́rin lọ tó kù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn, ilé alájà mẹ́fà ló tó o! Ẹni tó ka àjà Kòkó Háòsì pé 26 láìṣàṣìṣe kankan, tó wá mú gíga tí kò tọ́, ìṣírò ẹ̀ ti bàjẹ́ ju ti ẹni tó ṣi àjà méjì kà lọ. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kó o máa ronú lórí irú ilé tó jẹ́ kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ wíńdò.

Ó dáa, ká wá bọ́ sórí fọ́tò ẹ. Mo súùmù sí i dáadáa, mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà kó lè tóbi. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé igi dóńgóyárò méjì tó wà létí fẹ́ǹsì ti bo ìsàlẹ̀ ilé náà mọ́lẹ̀, ìlà wíńdò tó o pè ní àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ìsàlẹ̀ ilé, orí igi ló ti bẹ̀rẹ̀. Tó o bá wo àárín igi méjèèjì wàá rí gíláàsì àbáwọlé, gíláàsì náà sì ga fíofío láìní ìlà dẹ́kìn kankan láàárín ẹ̀. Síkiọ́ríìtì kan dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì, láàárín ìlà 9 àti ìlà 10 tó o kà, bẹ́líìtì kan wà tó dúdú, tó dà bí ẹni pé ògiri lásán ni, tó o bá súùmù lúfà irin ni gbogbo ẹ̀. Àjà kan odindi nìyẹn, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ éésì àti pọ́ǹpù omi sí, kò nílò wíńdò, atẹ́gùn nìkan ló nílò, lúfà ló sì ń fún un. Ẹni tó bá ń ka wíńdò máa fò ó kọjá ni. Lókè pátápátá, páràpẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ògiri kúkurú etí òrùlé, wà tó yọrí kọjá wíńdò tó kẹ́yìn.

Torí náà, àjà 16 ni ilé yẹn: àbáwọlé kan nísàlẹ̀, àjà ẹ̀rọ kan láàárín, àti 14 tó o kà. Kíkà ẹ tọ́ fún ohun tó o rí, àwọn tó kù ni kò yọjú sí ẹ. Bó o bá gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ní "pẹ́tẹ́ẹ̀sì 15" nípa ilé yìí kan náà, má jẹ́ kó dàrú mọ́ ẹ lójú, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka ti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì, torí náà máa bi wọ́n bóyá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ó wá ku kí n mọ iye tí àjà kan ga gan-an nínú ilé yìí, mi ò fẹ́ kàn mú 3.9 torí pé ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ilé náà, àtẹ̀gùn pàjáwìrì wà níbẹ̀ tí wọ́n ò bò, irú èyí tí wọ́n fi ń sá jáde tí iná bá sọ. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i, torí pé sítẹ́ẹ̀pù àtẹ̀gùn ni rúlà tó dáa jù lọ lára ilé. Wíńdò lè tóbi lè kéré bí ẹni tó ya àwòrán ilé bá ṣe fẹ́, ilẹ̀kùn náà lè jẹ́ 2.1 lè jẹ́ 3 tó bá jẹ́ ti ọlọ́lá, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn ò yí padà, sítẹ́ẹ̀pù tó bá ga ju sẹ́ńtímítà 17.5 lọ máa ń rẹ èèyàn, tó bá sì kéré sí 15 kò ní ba ìrìn ẹsẹ̀ mu mọ́, àárín méjèèjì yẹn ni àwọn tó ń kọ́lé máa ń wà. Mo ka sítẹ́ẹ̀pù láti ẹnu ilẹ̀kùn àjà kan: 12 dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yí padà, 12 mìíràn dé ẹnu ilẹ̀kùn àjà tó tẹ̀lé e. Àpapọ̀ 24. Mo kà á ní àjà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, 24 náà ni. Tí sítẹ́ẹ̀pù kan bá jẹ́ sẹ́ńtímítà 16, àjà kan jẹ́ mítà 3.84. Tó bá jẹ́ 15, ó jẹ́ 3.6. Tó bá jẹ́ 17.5, ó jẹ́ 4.2. Mo mú 3.85 sí àárín, mo sì fi 3.6 àti 4.2 pa mọ́, àwọn ló máa sọ fún wa bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó.

Fún àbáwọlé àti àjà ẹ̀rọ, mi ò lè ka sítẹ́ẹ̀pù, mo wá fi rúlà wọ̀n wọ́n lójú kọ̀ǹpútà, mo fi wọ́n wé àjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an. Ibí yìí ló yẹ kó o ti ṣọ́ra dáadáa. Tó o bá gbé fóònù ẹ sókè láti fi ya ilé gíga, ilé á máa tẹ́ẹ́rẹ́ lọ lókè nínú fọ́tò, àjà tó wà lókè á kéré sí ti ìsàlẹ̀ bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Nínú fọ́tò ẹ, tí mo bá wọn ìlà 2 àti ìlà 14, ti òkè ò tó ti ìsàlẹ̀ rárá. Ẹni tó bá wọn àjà kan nísàlẹ̀ tó wá fi rúlà yẹn wọn gbogbo ilé lọ sókè, gíga tó máa rí á dín ni. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn kíka àjà ju fífi rúlà wọn gbogbo fọ́tò lọ nìyẹn, àjà 14 á ṣì jẹ́ 14 bó ti wù kí fọ́tò tẹ̀ tó. Tó bá wá di dandan kó o wọ̀n, àjà méjì tó fara kanra ni kó o fi wéra, torí pé láàárín ìwọ̀nba ibẹ̀ yẹn, títẹ̀ fọ́tò ò tíì pọ̀ tó nǹkan. Tó o bá ní àǹfààní láti ya òmíràn, lọ jìnnà sẹ́yìn, gbé fóònù dúró ṣánṣán láìtẹ̀ ẹ́ sókè, kí ilé náà bọ́ sí apá òkè fọ́tò, àwọn àjà á dọ́gba láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n, àbáwọlé ga tó àjà kan àti ìdá méje nínú mẹ́wàá tí mo bá fi wé àjà tó wà lórí ẹ̀ gan-an, ìyẹn 1.7 lọ́nà 3.85, ó jẹ́ mítà 6.5. Mo fi síkiọ́ríìtì yẹn yẹ̀ ẹ́ wò, tí èèyàn bá jẹ́ mítà 1.7, gíláàsì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lérí ara wọn, ó bára mu. Àjà ẹ̀rọ jẹ́ 1.2 tí mo bá fi wé àwọn aládùúgbò ẹ̀, mítà 4.6 nìyẹn. Páràpẹ́ẹ̀tì ju ìdá mẹ́ta àjà kan lọ díẹ̀, mo fún un ní 1.3. Ó wá rí báyìí:

```
14 × 3.85 = 53.9
àbáwọlé   =  6.5
àjà ẹ̀rọ   =  4.6
páràpẹ́ẹ̀tì =  1.3
àpapọ̀     = 66.3
```

Wá wo ibi tí mítà 24 ẹ lọ. 0.85 tó o dín lórí àjà kọ̀ọ̀kan, lọ́nà 14, jẹ́ 11.9. Àwọn mẹ́ta tó ò kà, tó o bá ro wọ́n pọ̀, jẹ́ 12.4. Ìdajì-ìdajì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Tí mo bá wá fi 3.6 ṣe gbogbo ìṣírò yìí dípò 3.85, ó di 62, tí mo bá fi 4.2 ṣe é ó di 72. Mo fẹ́ kó o máa sọ ọ́ báyẹn fún ẹni tó bá bi ẹ́, bíi 66, láàárín 62 sí 72. Ẹni tó bá fi fọ́tò sọ fún ẹ pé ilé kan jẹ́ mítà 66.3 gééré, tí kò fi ààlà sí i, kò tíì ronú lórí ibi tí nọ́ńbà ẹ̀ ti wá.

Àwọn CTBUH yẹn tún ní fọ́múlà kan fún ẹni tí kò ní ju iye àjà lọ lọ́wọ́, tí kò lè rí àtẹ̀gùn tàbí àbáwọlé. Ti ọ́fíìsì, tí `s` bá jẹ́ iye àjà:

```
H = 3.9s + 11.7 + 3.9(s/20)
```

11.7 yẹn jẹ́ àjà mẹ́ta, wọ́n fi kún un torí àbáwọlé tó ga àti àwọn ẹ̀rọ orí òrùlé, apá tó kẹ́yìn sì ń fi àjà ẹ̀rọ kan kún un fún àjà 20 kọ̀ọ̀kan. Fi 16 sí i, wàá rí 77. Ó ga ju tèmi lọ ní bíi mítà 11. Kì í ṣe pé fọ́múlà yẹn burú, àwọn ilé aláràbarà tí orí wọn ga ni wọ́n wò ṣe é, tìẹ yìí àbáwọlé ẹ̀ ò ga tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì ka yàrá ẹ̀rọ lífìtì tó wà lórí òrùlé mọ́ ọn, torí pé ó fà sẹ́yìn, ẹni tó dúró lódìkejì títì ò lè rí i. Kòkó Háòsì pàápàá, tó o bá fi 26 sínú fọ́múlà yẹn, 118 ló máa sọ, ó fi mítà 13 ju 105 lọ. Nígbà tí mo bá ti lè rí ìsàlẹ̀ àti òkè ilé nínú fọ́tò, ohun tí mo rí ni mo máa ń tẹ̀ lé, fọ́múlà yẹn wà fún ìgbà tí mi ò rí wọn.

Ohun kan wà tí kò ṣẹlẹ̀ nínú fọ́tò ẹ àmọ́ tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹ lọ́jọ́ mìíràn, torí pé irú ilé yẹn ló ń pọ̀ sí i ní Àbújá báyìí: ilé tí gíláàsì bò láti òkè dé ilẹ̀. Níbẹ̀, ìlà tó ò ń rí lójú gíláàsì kì í ṣe dẹ́kìn. Wọ́n máa ń to gíláàsì méjì sí àjà kan, ọ̀kan gùn tí èèyàn inú ọ́fíìsì ń wo ìta láti inú ẹ̀, ọ̀kan kúrú tí wọ́n fi bo ojú dẹ́kìn àti àwọn páìpù orí sílìn, àwọ̀ kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń ní lọ́sàn-án. Ẹni tó bá kà á gbuurugbu á rí àjà 30 lára ilé alájà 15. Tó o bá rí i pé ìlà náà ń ṣe gígùn-kúkurú, gígùn-kúkurú, lọ sókè, àjà kan ni méjì-méjì wọn. Tí kò bá dá ẹ lójú, wá fọ́tò tí wọ́n yà lálẹ́, iná sílìn á fara hàn nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́, ìlà iná kan sí àjà kan ni, bẹ́líìtì dúdú àárín wọn ni dẹ́kìn wà. Fọ́tò ìgbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ tún dáa ju ìyẹn lọ, torí pé ìhòhò ni ilé wà nígbà náà, dẹ́kìn kọ̀ọ̀kan ń hàn kedere, kò sí gíláàsì tó máa bo nǹkan kan. Mo máa ń wá irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kí n tó ka nǹkan kan lára ilé onígíláàsì. Nọ́ńbà tó wà lára bọ́tìnì lífìtì ni kó o má gbára lé, àwọn onílé kan máa ń fo 13.

Orí òkè náà ní wàhálà tiẹ̀. Kíka àjà ò lè sọ ohun tó wà lókè àjà tó kẹ́yìn fún ẹ. Bọ́ọ̀jì Kàlífà ní Dùbáì jẹ́ mítà 828, àjà 163 ni wọ́n sọ pé ó ní, fi 3.9 ṣe é, 636 péré lo máa rí, torí pé nǹkan bíi mítà 244 tó wà lókè pátápátá kò ní èèyàn nínú, ṣóńṣó àti àwọn àjà ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀. Níbí náà, Mìlẹ́níọ̀mù Táwà tó wà ní Sẹ́ńtírà Éríà, má wulẹ̀ gbìyànjú kíka àjà lára ẹ̀, òpó ni, kì í ṣe ilé tí àjà tò lérí ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Tí nǹkan bá gun orí ilé, ka ilé náà lọ́tọ̀ dé òrùlé, kó o sì fi ohun tó wà lókè wé àjà tó sún mọ́ ọn jù lọ. Máṣì tẹlifóònù àti áńtẹ́nà, àwọn CTBUH ò kà wọ́n mọ́ gíga ilé rárá, ṣóńṣó tó jẹ́ ara iṣẹ́ ọnà ilé ni wọ́n ń kà.

Ilẹ̀ Àbújá náà ò tẹ́jú, ìwọ náà mọ̀. Ilé kan lè ní àjà 16 níwájú kó jẹ́ 17 lẹ́yìn, torí pé ilẹ̀ ti rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ gíga ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà gidi tó wálẹ̀ jù lọ tí èèyàn lè fẹsẹ̀ gbà wọlé láti ìta gbangba, wọn kì í ka ibi ìgbọ́kọ̀sí abẹ́ ilẹ̀. Nínú fọ́tò tìẹ, fẹ́ǹsì náà lọ gbọọrọ láìsọ̀ kalẹ̀, mo gbà pé ibẹ̀ tẹ́jú.

Níwọ̀n ìgbà tó o ti wà ní Àbújá, o lè yẹ iṣẹ́ mi wò fúnra ẹ. Wọn mítà 80 látara ògiri ilé náà sẹ́yìn, téèpù ni kó o fi wọ̀n ọ́n, má fi ẹsẹ̀ kà á, dúró síbẹ̀, kó o wá fi áàpù tó ń wọn igun lórí fóònù ẹ wo etí páràpẹ́ẹ̀tì. Wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kó o mú àárín ẹ̀, torí pé dígírì kan péré á fa mítà méjì sókè tàbí sísàlẹ̀. Ojú ẹ wà ní bíi mítà 1.6 sílẹ̀, ìyẹn náà máa wọlé:

```
gíga = 80 × tan(igun) + 1.6
```

Tí ìṣírò mi bá tọ́, dígírì 39 ló yẹ kó o rí, ìyẹn á fún ẹ ní bíi 66. Tó o bá rí 37, ó jẹ́ 62, á jẹ́ pé sẹ́ńtímítà 15 ni sítẹ́ẹ̀pù àtẹ̀gùn yẹn. Tó o bá rí 41 lọ sí 42, sítẹ́ẹ̀pù náà ga ju bí mo ṣe rò lọ, ó súnmọ́ 17.5. Tó bá wá ju 42 lọ dáadáa, kíkà la ti ṣì, àjà kan tàbí méjì ṣì wà níbẹ̀ tí èmi àtìẹ ò rí, ẹ̀yìn igi dóńgóyárò yẹn sì ni mo máa kọ́kọ́ wò.